Adájọ́ Inú Fíìmù, Ẹlẹ́rìí Ojú Ayé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé ṣé kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ eré, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tèmi fún yín. Sìkírátù ni orúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, Màmá Kóòtù ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣeré, ipa adájọ́ ni mo máa ń kó. Àwọn tí mo ti rán lọ sẹ́wọ̀n nínú fíìmù pọ̀ tó ìlú kékeré kan. Mo ti dá ẹjọ́ ikú, mo ti dá ẹjọ́ ilẹ̀, mo ti tú ìgbéyàwó ká. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n mú àbúrò tèmi dé iwájú adájọ́ tòótọ́, mo bẹ̀rù bí ẹni tí kò dé kóòtù rí. Ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára mi tán títí dòní, mo sì ti fẹ̀yìn tì.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò le. Mo ń ránṣọ ní Ìdímù, ẹgbẹ́ eré kan ní kí n wá bá àwọn rán ẹ̀wù adájọ́. Mo rán an, mo gbé e wọ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe rí lára, ọ̀gá wọn sì ní kí n má bọ́ ọ. Bó ṣe rí nìyẹn. Ti owó, ẹ má bi mí. Bí ọjà bá tà, a jẹ. Bí kò bá tà, mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Ọ̀gá yẹn ni Bàbá Àkànní. Kó tó di onítíátà, ògbufọ̀ ni ní kóòtù. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ Yorùbá, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ lójú, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀ pé o ti ṣe nǹkan. Nǹkan tó kọ́kọ́ ní kí n ṣe kọ́ ni eré rárá. Ó ní kí n lọ máa jókòó sẹ́yìn ní kóòtù. Oṣù lé oṣù, mò ń lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wò ó bó bá ti lè pa ẹnu mọ́. Bí mo bá dé, á bi mí pé, “Kí lo rí?”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní, “Bàbá, mi ò rí nǹkan kan. Ẹjọ́ mẹ́fà ni wọ́n pè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sún síwájú. Adájọ́ kàn ń kọ̀wé ṣáá.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “O ti rí i! Adájọ́ kàn ń kọ̀wé ṣáá. Mú bíírò.”

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń dán eré wò, dandan ni kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀. Bí bíírò mi bá dúró, á dá eré dúró. Ó ní, “Adájọ́ tí kò kọ̀wé, kí ló fẹ́ fi dájọ́? Ojú ọwọ́ adájọ́ ni lọ́yà gidi ń wò. Bó bá bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kan, á dúró kí bíírò sinmi kó tó bi í ní èkejì.” Ó gba òòlù pákó tí ẹnì kan gbé wá, ó jù ú sí àkìtàn. Ó ní àwọn òyìnbó òkè òkun kan ló ni ìyẹn, pé adájọ́ tiwa kì í lu tábìlì. Bí ariwo bá pọ̀, akọ̀wé kóòtù ló ń pè é pé kí wọ́n dákẹ́. Ó ní kò sí àwọn èèyàn méjìlá kan tí ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ pé ẹni báyìí jẹ̀bi. Adájọ́ nìkan ni. Lọ́yà tó wọ wíìgì ní kóòtù májísíréètì, á lé e jáde lórí ìtàgé pé kó lọ bọ́ ọ, nítorí pé kóòtù gíga ni wíìgì wà fún. Lọ́yà tó bá sì ń rìn yí ẹlẹ́rìí ká bí ológbò tó rí eku, á bi í pé, “Ṣé o fẹ́ gbé e mì ni?”

Kò sí ọjọ́ tí n kì í sunkún. Mo rántí ọjọ́ tí mo sọ pé, “Bàbá, kò sẹ́ni tí á wo eré tí adájọ́ ti ń kọ̀wé.”

Ó wá ní, “Irọ́ méjì ló wà nínú eré, Sìkírá. Ẹjọ́ ọdún mẹ́rin, a máa fi wákàtí kan ṣe é. Irọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n olúwòran náà mọ̀ pé a gé e kúrú. Irọ́ kejì ni èyí tí ẹni tó wò ó á gbé lọ sílé, tí á sì fi ṣe ọgbọ́n lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Ìyẹn ni mi ò fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ju ọ̀rọ̀ lọ létí mi nígbà náà.

Lórí ìtàgé la ti bẹ̀rẹ̀. A bọ́ sí fídíò, téèpù ńlá tí à ń fi sínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn rẹ̀ ló kan àwo pẹlẹbẹ, báyìí inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tí Bàbá Àkànní kú, ọ̀kan nínú àwa tó kọ́ níṣẹ́, Dàmọ́lá, ló gba ẹgbẹ́. Ọmọ dáadáa ni Dàmọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta fíìmù ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n ní kóòtù wa ti tutù jù. Òòlù pákó padà dé. Wọ́n ní kí n máa gbá a, kí n máa jágbe. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo “Ọbjẹ́kṣọ̀n!” láìsọ ohun tó ń takò. Olùjẹ́jọ́ á bú sẹ́kún lójijì, á jẹ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ọjà sì ń tà.

Èyí tó tà jù ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n purọ́ mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti dákẹ́, kò sọ nǹkan kan fún ọlọ́pàá. Ó ku kí n sọ pé ó jẹ̀bi, ni ìlẹ̀kùn kóòtù bá ṣí gbàgà, ẹlẹ́rìí kan sáré wọlé: “Ẹ dúró! Ọ̀dọ̀ mi ló wà lọ́jọ́ náà!” Mo gbá òòlù, mo dá a sílẹ̀. Àwọn èèyàn sunkún ní Ìgándò, wọ́n dì mọ́ mi láàárín ọjà.

Ràṣídì, àbúrò mi, ló mú iná dání nígbà tí à ń ya ibẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni, òun ni àbíkẹ́yìn. Mo mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó kọ́ iṣẹ́ wáyà, ó sì di ẹni tí ń tan iná fún ẹgbẹ́ wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú kan tí àpò pọ̀ lára rẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó sikiridírábà àti gílóòbù sí.

Lọ́jọ́ kan, a ń yàwòrán nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà ní Ìgándò. Èmi ni mò ń dájọ́. Àárín ọ̀rọ̀ mi ni gílóòbù ńlá kan fọ́, igíláàsì fọ́n ká lórí tábìlì mi. A dúró. Bí Ràṣídì ṣe gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n pe ìrun Áṣárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Dàmọ́lá sì ní kí a dúró títí ìpè á fi tán kí ohùn rẹ̀ má bàa wọnú iṣẹ́ wa. A dúró. Ràṣídì wà lókè àga, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín pé òógùn ti ya àtíkè ojú adájọ́. Mo rántí bó ṣe rí.

Wákàtí yẹn gan-an ni àwọn adigunjalè wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí ń ta fóònù ní Ipaja. Wọ́n yọ ìbọn sí i, wọ́n kó ọjà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ràṣídì lọ ra wáyà ní Ipaja. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Obìnrin yẹn rí i látòkèèrè, ó figbe ta: “Òun nìyí! Jákẹ́ẹ̀tì yẹn nìyẹn!” Ẹ̀yin náà mọ bí ìgboro wa ṣe rí bí wọ́n bá pariwo olè. Wọ́n ti fi òkúta là á lórí, ẹnì kan ti ń wá táyà, ni ọlọ́pàá tí ń kọjá lọ gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń dúpẹ́ lórí ìyẹn títí dòní.

Nígbà tí èmi àti Dàmọ́lá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ojú Ràṣídì ti wú. Dàmọ́lá fẹnu sí i létí láàárín irin, mo gbọ́ ohun tó sọ: “Má sọ ibi tó o wà fún wọn o. Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á wá bí wọ́n á ṣe bà á jẹ́. Jẹ́ kó di kóòtù. A ó já lù wọ́n lójijì.”

Ràṣídì wò mí. Ojú mi ló ń wò, bí ẹni ń bèèrè lọ́wọ́ adájọ́. Èmi náà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ló bà mí, orí mi ò ronú kan ohunkóhun ju ohun tí mo ti ṣe lójú kámẹ́rà lọ.

Lẹ́yìn tí a lọ, wọ́n lù ú títí ó fi fọwọ́ sí ìwé kan tí kò kà. Ìwé ìjẹ́wọ́ ni.

Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì. Mo rò pé ọjọ́ náà ni a ó gbé e padà sílé. Wọ́n ka ẹ̀sùn náà, ìdigunjalè. Mo ń retí kí wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, wọn ò bi í. Májísíréètì ní kóòtù òun kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò ìjọba fún ìmọ̀ràn, kí olùjẹ́jọ́ sì wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ná. Kò pẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń mu omi lọ. Wọ́dà fà á lọ. Ó yíjú padà, ó pe orúkọ mi.

Ìdigunjalè pẹ̀lú ìbọn, ikú ni òfin kọ sí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí ti ka gbólóhùn yẹn lójú kámẹ́rà láìmọye ìgbà, tí wọ́n á ní kí n tún un kà nítorí pé n kò sọ ọ́ kó dún dáadáa.

Ẹni tó gbà wá là ni Lọ́yà Títí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ọ́fíìsì kékeré ní Ẹ̀gbẹ́dá. A ro ẹjọ́ fún un tán. Dàmọ́lá wá sọ ètò ìjálù rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Lọ́yà gbé bíírò sílẹ̀.

“Ẹ̀yin ẹ fẹ́ pa á ni?”

“Àǹtí Lọ́yà, ó kàn jẹ́ pé...”

“Ẹ gbọ́ mi, sà. Ẹni tó bá ní òun ò sí níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́: ibi tó wà, ìgbà tó wà níbẹ̀, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́pàá ló ni iṣẹ́ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dákẹ́ títí dé kóòtù, wọ́n á ní ẹ̀yìn tó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n ló jókòó ro ìtàn náà. Kò sí ìjálù kankan. Agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ kó orúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún wa kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwa náà ò gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́.” Ó yíjú sí mi. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwòrán ọjọ́ náà wà?”

Dàmọ́lá wolẹ̀. Nígbà ayé téèpù, inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Àwọn káàdì kékeré inú kámẹ́rà ayé òde òní, bí a bá ti gé èyí tí a fẹ́, à á pa ìyókù rẹ́ ká lè tún un lò. Ìgbà tí a dúró, tí Ràṣídì wà lórí àga, a ti pa á rẹ́.

“Ó ku ẹnu yín nìyẹn,” ni Lọ́yà wí.

Ọjọ́ náà ló kọ̀wé sí ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba, ó dárúkọ gbọ̀ngàn náà àti àwa tí a wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá. Kò sẹ́ni tó wá bi wá léèrè. Ẹyin lohùn, àwa pa tiwa mọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dòbu.

Ẹjọ́ dé kóòtù gíga ní Ìkẹjà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Wọ́n ka ẹ̀sùn fún Ràṣídì ní gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó ní òun ò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ kan adájọ́ lọ ìpàdé, ọjọ́ kan ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ò wá, ọjọ́ mìíràn ẹlẹ́rìí ìjọba ò yọjú. Ọdún ń yí lu ọdún. Mo ń lọ wo àbúrò mi, ó ń rù, irun rẹ̀ ń funfun, ẹnu ọ̀nà ló sì ń dúró sí títí wọ́dà á fi pè é wọlé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, níbo ni wọ́n ń ti ọmọ aráyé mọ́ títí òtítọ́ á fi dé?

Ohun tó tún dá kún ẹ̀rù mi ni pé n kò lè wọlé. Nínú fíìmù wa, gbogbo ẹlẹ́rìí ló ń jókòó pọ̀ tí wọ́n ń wo ara wọn. Irọ́ ni. Ẹni tó bá máa jẹ́rìí, wọ́n á ní kó jáde kó má bàa gbọ́ ohun tí ẹnì kejì sọ. Orí bẹ́ńṣì ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mò ń jókòó. Mò ń wo ìlẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá jáde, mo ń wá ojú rẹ̀ ká. Ìyàwó Ràṣídì ló ń wọlé tó ń wò ó fún wa, bí wọ́n bá sì dìde, ó kàn máa ń dì mọ́ mi.

Ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni Lọ́yà Títí tó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fún mi. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fi ìwé ìjẹ́wọ́ hàn, ó dìde, kò pariwo, ó ní òun takò ó nítorí pé ìyà ni wọ́n fi gbà á. Adájọ́ bá dá ẹjọ́ ńlá dúró, ó gbọ́ ẹjọ́ kékeré nínú rẹ̀ lórí ìwé yẹn nìkan. Òfin Èkó ní bí olùjẹ́jọ́ bá ń jẹ́wọ́, kí fídíò máa yà á tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀. Fídíò ò sí, lọ́yà ò sí. Adájọ́ ní òun ò gba ìwé náà.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù wá jẹ́rìí. Ó nàka sí Ràṣídì pé òun ni. Kì í ṣe òpùrọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tó rò pé òun rí ló ń sọ. Inú fíìmù wa, lọ́yà ìbá ti bú u títí á fi sunkún. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Lọ́yà Títí kí i pẹ̀lẹ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó fi ìwé tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ kọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ ìdigunjalè hàn án. Ṣé ìwé yín nìyí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ sọ níbẹ̀ pé gbogbo wọn fi aṣọ bo imú àti ẹnu? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé wọ́n ti pe ìrun Áṣárì nígbà tí wọ́n wọlé? Wọ́n ń pè é lọ́wọ́. Ó ní kí ìwé náà wọnú ẹ̀rí, ó sì jókòó. Kò bi í pé, “Báwo lẹ ṣe wá mọ ojú rẹ̀?” Ó ní ìbéèrè tí ẹni ò mọ èsì rẹ̀, a kì í bi ẹlẹ́rìí ẹni tó dojú kọni.

Dàmọ́lá jẹ́rìí ṣáájú mi. Nígbà tó jáde, òógùn ti mu ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin, kò sì wò mí lójú. Akọ̀wé kóòtù pe orúkọ mi.

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ sí. Mo di Àlùkùránì mú, mo búra. Ràṣídì wà lápá òsì mi nínú àpótí olùjẹ́jọ́, ó tín-ín-rín nínú ẹ̀wù tó ti tóbi jù ú lọ. Adájọ́ àgbàlagbà kan ló wà lókè, bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí odò. Ó gbójú sókè: “Mà, ẹ rọra. Mò ń kọ ọ́.”

Mo rọra. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ ti gílóòbù tó fọ́, mo sọ ti ìpè ìrun, mo sọ ti àga. Lọ́yà Títí kò fi èsì kankan sí mi lẹ́nu. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni mí, òfin ò gbà fún un. “Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀?” Ìyẹn nìkan ló ń bi mí.

Agbẹjọ́rò ìjọba wá dìde. Ìbàdàn ló jọ pé ó ti wá, Yorùbá rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ tutù. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

“Mà, ẹ̀gbọ́n olùjẹ́jọ́ ni yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹ fẹ́ràn rẹ̀?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀.”

“Òṣèré ni yín. Ṣé iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀?”

Mo wo Lọ́yà Títí. Kò dìde. Ìbéèrè tó tọ́ ni. “Iṣẹ́ mi nìyẹn, sà.”

“Ẹ ti sunkún rí lójú kámẹ́rà láìsí ohun tó dùn yín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.” Omijé sì wà lójú mi nígbà tí mò ń sọ ọ́! Mo fẹ́ nù ún, mo bẹ̀rù pé bí mo bá nù ún, wọ́n á ní mò ń ṣeré. Mo jẹ́ kó máa ṣàn.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá?”

“Mo dé ibẹ̀.”

“Ẹ ò sọ fún ọlọ́pàá kankan pé ó wà lọ́dọ̀ yín ní Ìgándò?”

“N kò sọ, sà. Ohun tó fà á ni pé...”

“Ó tó, mà. Ẹ ò sọ. Ó parí, Olúwa mi.” Ó jókòó.

Bíírò adájọ́ kọ ọ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí ìwé. Mo mọ̀ pé mo ti pa àbúrò mi.

Ṣùgbọ́n Lọ́yà Títí tún dìde. Bí ọ̀tá bá ti bi ẹlẹ́rìí rẹ tán, òfin gbà kó o tún bi í ní ohun tó ṣókùnkùn nínú èsì rẹ̀, ohun tuntun nìkan ni kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Láyé mi, n kò rí i kí fíìmù kan ṣe apá yẹn. Ó ní, “Ẹ sọ pé ẹ ò sọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. Kí ló fà á?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí sá lọ. Mo ní, “Bí a ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn, Olúwa mi. Ẹlẹ́rìí á dúró dìgbà ìkẹyìn. A rò pé bẹ́ẹ̀ ni kóòtù rí.”

Adájọ́ dúró. Ó wò mí pẹ́. Ó tún tẹ orí ba, ó kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn lọ́yà kọ àlàyé ìkẹyìn wọn sínú ìwé. Oṣù tún kọjá kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdájọ́. Lọ́jọ́ náà mo lè jókòó sínú. Adájọ́ kà á bí ẹni ń ka ìròyìn ojú ọjọ́, ojú ewé lé ojú ewé. Kò sí bó o ṣe lè mọ ibi tó ń lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ pé olùjẹ́jọ́ wà ní Ìgándò pẹ́ kó tó jáde. Ó ní òṣèré tó jẹ́ ẹbí ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí, mo di ọwọ́ ìyàwó Ràṣídì mú. Ó ní, bó ti wù kó rí, ìjọba tó fẹ̀sùn kan ni ó gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Olùjẹ́jọ́ kò ní láti fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Ó ní wọ́n fún ọlọ́pàá ní àdírẹ́sì, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní obìnrin náà kò rí ojú ẹnikẹ́ni, jákẹ́ẹ̀tì ló rí, kò sì sí ìgbà tí wọ́n to èèyàn sílẹ̀ kó mú un láàárín wọn. Iyèméjì wà, òfin sì ní ti olùjẹ́jọ́ ni iyèméjì. Ó dá a sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. “Kóòtù!” ni akọ̀wé pè, a dìde, adájọ́ tẹrí ba, ó wọlé. Wọ́n ti ń pe ẹjọ́ mìíràn kí n tó rí ọ̀nà jáde.

Dàmọ́lá kò ya fíìmù ìjálù mọ́. Ó bẹ Lọ́yà Títí pé kó máa bá wa ka ìtàn wa kí a tó yà á, àwọn ọlọ́jà sì ń ráhùn pé kóòtù wa tún ti tutù. Mo bá a ṣe díẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ wá. Iṣẹ́ iyì ni. Ẹ gé ọdún kúrú bó ṣe wù yín, ẹ fi orin sí i, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ní ohùn bí agogo. Ṣùgbọ́n ẹ máa rántí ẹni tí á wò ó, tí wọn á wá fi ọlọ́pàá mú lọ́la. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọ ló máa sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá Ràṣídì sílẹ̀, wọ́n mú un padà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti parí ìwé rẹ̀, kó tó bá wa dé ilé ní Ìgándò. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Gbogbo wa wọlé, a ń sọ̀rọ̀, a ń dúpẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ la rí i pé kò sí láàárín wa. Mo jáde lọ wò ó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, ó ń wolẹ̀.

Mo ní, “Ràṣídì, kí lò ń dúró dè?”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Wọn ò tíì pè mí.”